Bí A Ṣe Lè Dá Ẹni Tó Ń Béèrè "Kí Ló Pa Á?" Lóhùn Láì Bá A Jà

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin kú n'Íbàdàn, kò sẹ́ni tó kí wa "ẹ kú ará fẹ́ra kù" tán tí kò fi "kí ló ṣe é?" tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́ ni, ó níyàwó, ó sì fi àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀. Kì í ṣe òkú àgbà tí èèyàn á kàn sọ pé ó ti re ibi àgbà ń rè. Àwa ẹbí sì ti pinnu pé ohun tó pa á kò ní kúrò láàárín wa. Èmi náà kò ní sọ ọ́ níbí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí a ṣe pa á mọ́ láì kan ẹnikẹ́ni lábùkù, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dààmú ọ̀pọ̀ ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó béèrè ló jẹ́ olófòófó. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ikú tó pa èèyàn ló ń sọ ẹni tí yóò sin ín àti ibi tí wọn yóò sin ín sí. Ẹni tí àrá bá pa, àwọn oníṣàngó ló ń bójú tó o. Ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá pa, àwọn olórìṣà Ṣọ̀npọ̀nná ló ń gbé e, ẹbí kò gbọ́dọ̀ dédé fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá kú sómi, etí omi ni wọ́n ń sin ín sí. "Kí ló pa á?" níṣẹ́ tó ń ṣe nígbà náà. Ní 1980 ni wọ́n kéde pé ilẹ̀ẹ́gbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀ káàkiri àgbáyé, mọ́ṣúárì àti ilé ìjọsìn ló sì ń bá ọ̀pọ̀ wa ṣètò òkú báyìí, àmọ́ ìbéèrè náà ṣì wà lẹ́nu wa. Ìgbà tí mo rò ó bẹ́ẹ̀ ni ìbínú mi rọlẹ̀, mo sì rí i pé èèyàn lè kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè láì kọ ẹni tó béèrè.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni gbólóhùn kan tí gbogbo wa fẹnu kò lé lórí kí ìròyìn tó tàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ló pè wá jọ sí yàrá lálẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ẹnu wa gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Ohun tí a fi síbẹ̀ ni: "Ikú òjijì ni. Ó dùn wá débi pé a ò lè máa sọ ọ́. Ẹ ṣáà bá wa gbàdúrà fún ìyàwó àtàwọn ọmọ." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ibi tí èèyàn lè fà yọ nínú rẹ̀.

Ẹnì kan nínú wa kọ́kọ́ dábàá pé ká sọ pé "àìsàn ráńpẹ́" ni, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sínú ìkéde òkú. Bàbá Àgbà ní rárá, torí bí o bá ti dárúkọ àìsàn, ohun tó kàn ni "àìsàn wo?" Ẹlòmíì ní ká sọ pé ìjàm̀bá ọkọ̀ ni. Ìyẹn ló burú jù. Wọn yóò béèrè bóyá ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ni, ọkọ̀ wo ni, ta ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, ọsibítù wo ni wọ́n gbé e lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìtàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á ti wà níta, ó sì lè jẹ́ ẹni tó bá a jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ń gbọ́ ọ. Irọ́ ń fẹ́ olùtọ́jú. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kò sì ní agbára ìyẹn.

Nílé, tí èèyàn bá ń wọlé tó ń jáde, ẹ ṣàkíyèsí pé ìbéèrè náà kì í dá wá. Àárín àdúrà ló máa ń wà. Nítorí náà, àdúrà ni kí ẹ dáhùn. Màmá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi wọlé, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á tu yín nínú, irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Kí ló tiẹ̀ ṣe é gan-an? Àbí ẹ̀jẹ̀ ríru ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Àmín, Mà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ikú òjijì ni, ó dùn wá débi pé a ò lè máa sọ ọ́. Ẹ ṣáà bá wa gbàdúrà fún àwọn ọmọ."

"Mo mọ̀ pé òjijì ni. Ṣé kò sọ pé àyà ń dun òun ni? Àbí ìtọ̀ ṣúgà ni?"

"Ẹ má bínú, Mà, ẹnu mi ò tó o. Bàbá Àgbà ló ń gbẹnu sọ fún ẹbí, àwọn ló jókòó lábẹ́ kánópì níta yẹn. Màmá wà ní yàrá, wọn ò tíì fẹnu kan nǹkan kan látàárọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ bẹ̀ wọ́n, wọ́n lè jẹun."

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ bá ìyá mi, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Wọn ò dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà rárá. Kò sẹ́ni tó ní mo yájú, torí ọmọdé tó bá sọ pé ẹnu òun ò tó ọ̀rọ̀ kan, àgbà ni onítọ̀hún bọ̀wọ̀ fún. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wádìí kò ní lè kojú àgbàlagbà kó lọ bi í ní irú ìbéèrè tó fi ń yọ ọmọdé lẹ́nu. Iṣẹ́ tí mo sì fún wọn, pé kí wọ́n lọ bẹ ìyá mi, ló jẹ́ kí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ mi láì rò pé mo lé wọn.

Ẹ tún wò ó pé n kò sọ pé "rárá, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru." Ibí yìí ló ti máa ń bọ́ lẹ́nu èèyàn. Tí o bá ní rárá sí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí o ní rárá sí ìtọ̀ ṣúgà, ọjọ́ tí wọ́n bá dárúkọ ohun tó ṣe é gan-an, tí o dákẹ́, wọ́n ti mọ̀ nìyẹn. Gbogbo àbá tí wọ́n bá mú wá, tó jẹ́ òótọ́, tó jẹ́ irọ́, gbólóhùn kan náà ni kí ẹ fi dáhùn.

Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ léwu tirẹ̀, opó ni ewu náà sì máa ń bá. Ọkùnrin tó kú lọ́dọ̀ọ́, tí wọn ò sọ ohun tó pa á, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa sọ ọ́ sí etí ara wọn pé ìyàwó ló mọ̀ nípa rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé, lẹ́nu àwọn tó ń bu ọbẹ̀, pé "ẹ bi ìyàwó o, oúnjẹ ta ló jẹ kẹ́yìn?" Mo sọ fún Bàbá Àgbà. Nígbà tí àwọn èèyàn pé, wọ́n pe ìyàwó àbúrò mi jáde, wọ́n ní kó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, wọ́n wá sọ̀rọ̀ sókè: "Ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, àwa ẹbí mọ̀ ọ́n, ìyàwó wa mọ̀ ọ́n, kò sì sí ohun tó rú wa lójú nínú rẹ̀. Àwa la ní kí ó má sọ ọ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, èmi ni kó bi." Ariwo ẹ̀yìn ilé rọlẹ̀. Tí ẹbí ọkọ bá fẹ́ pa ọ̀rọ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyàwó sílẹ̀ lójú agbo láì sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, kódà kí ẹ má bá a rẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí obìnrin kan tó ṣí mọ́ọ̀tì fún ọmọ àbúrò mi, tó gbé e sórí itan, tó wá ń bi í jẹ́jẹ́ bóyá dádì bì, bóyá dádì ń ké. Mo lọ gbé ọmọ náà, mo ní ìyá rẹ̀ ń pè é. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn la kọ́ àwọn ọmọ láti máa sọ pé "ẹ bi Bàbá Àgbà." A sì rí i pé ẹnì kan nínú àwa àǹtí àti àbúrò wà pẹ̀lú wọn ní gbogbo ìgbà tí àlejò bá wà.

Ti orí Wọ́sáàpù rọrùn díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹ. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí orí fóònù mi, mo ń fi ránṣẹ́ bó ṣe wà: "Ẹ ṣeun fún àdúrà yín, Ọlọ́run á gbọ́. Ẹbí ò ní máa sọ nípa bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gba ìyẹn. A ó fi ètò ìsìnkú ránṣẹ́." Ẹni tó bá béèrè lẹ́ẹ̀kejì, "ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì" ni mo ń kọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, n kì í fèsì, mi ò sì jẹ́ kí ó dùn mí. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tó bá a jáde ilé ìwé girama, ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó rò pé ó pa á. N kò dá a lóhùn lójú gbogbo èèyàn, torí èsì kan á fa ogún. Mo kọ̀wé sí alábòójútó ẹgbẹ́ náà níkọ̀kọ̀, mo ní kó bá mi yọ ọ́ kúrò, kó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹbí rọ́pò rẹ̀. Ó ṣe é lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n mọ̀, kò sì yẹ ká pa àwọn yìí pọ̀ mọ́ aláyọjúràn. Tí ó bá jẹ́ àrùn tó ń ràn ló pa èèyàn, bí ibà Lásà tó máa ń jà lágbègbè Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Òndó, ẹni tó tọ́jú aláìsàn náà tàbí tó wẹ òkú gbọ́dọ̀ gbọ́ kíá, torí ọjọ́ 21 ni àwọn elétò ìlera fi ń ṣọ́ irú wọn. Tí ó bá jẹ́ àìsàn tó ń tọ ìdílé, àwọn tó jọ bá òkú tan nílò rẹ̀ láti sọ fún dókítà wọn. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan pè mí lóru, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n ti jọ gbé yàrá kan rí. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ohun tó lè ràn án, pé kó lọ sùn. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì béèrè.

Ibi tí àṣírí ti sábà ń jò nígbẹ̀yìn ni ìwé. Ọsibítù á kọ ohun tó fa ikú sínú ìwé tí wọ́n bá fún ẹbí, wọ́n sì ń béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá lọ forúkọ ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Báńkì àti ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì lè bèèrè ìwé ẹ̀rí ikú kí wọ́n tó san owó fún opó. Ẹ má ya fọ́tò irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí Wọ́sáàpù fún ẹ̀gbọ́n kan tó ní òun fẹ́ bá yín sáré rẹ̀, torí kò sí bí ẹ ṣe máa mọ ibi tí ó máa gbà lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó máa mú un lọ fúnra rẹ̀, kí ó fi sínú àpòòwé, kí ó bèèrè bóyá ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú nìkan ti tó wọn. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó àbúrò mi ló ń mú un lọ, èmi ni mo sì ń tẹ̀ lé e.