"Ẹ pàdé wa ní Bẹ́gà": ohun tí gbólóhùn kan fojú mi rí

Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn rìnrìn-àjò afẹ́ láti Èkó, gbogbo ohun tí mo kọ fún wọn nípa ọjọ́ kìíní ni pé: "Ọjọ́ Ẹtì, aago 6 àárọ̀, ẹ pàdé wa ní Bẹ́gà." Lójú tèmi, ó ti tó.

Aago 6 lù, èèyàn 5 péré nínú 14 ló wà nídìí bọ́ọ̀sì. Àwọn mẹ́ta dúró sí òdìkejì títì, níbi tí àwọn tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ ti ń sọ̀. Tọkọtaya kan wà ní Bẹ́gà ti ọ̀nà Àpápá, wọ́n ń pè mí pé, "Bọ̀dá, àwa nìkan la wà níbí o." Àwọn mẹ́rin tó kù ṣì ń wẹ̀ nílé, torí wọ́n rò pé aago 6 la óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pé jọ. Ta ni kí n bá jà?

Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí:

"Ọjọ́ 1, Ẹtì. Ìpàdé: aago 6:00 àárọ̀. Ọkọ̀ yóò gbéra ní aago 6:30. Ibi ìpàdé: Òjódú Bẹ́gà, nísàlẹ̀ afárá ẹlẹ́sẹ̀, lápá tí ọkọ̀ ti ń jáde lọ sí Ìbàdàn. Kì í ṣe Bẹ́gà ọ̀nà Àpápá."

Afárá ni mo fi ṣe àmì, n kì í lo ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù lè má tíì ṣí láàárọ̀ kùtù, wọ́n sì lè ti kùn ún ní ọ̀dà mìíràn.

Ti ẹrù náà ní ìtàn tirẹ̀. Mo kọ "bàtà tó rọrùn" fún ọjọ́ kejì, tí a máa ń lọ sí ìṣàn omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Màmá kan wọ sálúbàtà tuntun wá. Ipele méje ni omi yẹn ní. Bí èèyàn bá ti kọjá ti ìsàlẹ̀, òkúta àti ẹrẹ̀ ló kù, ó sì ń yọ̀. Màmá jókòó sísàlẹ̀, wọ́n ní, "Ṣebí ìwọ lo ní kó rọrùn?" Wọn ò jẹ̀bi. Mo yí i padà sí: "Bàtà kánfáàsì tó ní eyín nísàlẹ̀, tí omi lè kàn. Aṣọ ìpààrọ̀ kan. Ọ̀rá tí ẹ ó fi di fóònù."

Abẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lò ó ni mo ń kọ ẹrù sí, n kì í kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ìparí ìwé, torí àpò ńlá máa ń wà ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ kẹta, Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. "Ọkọ̀ yóò gbéra níwájú hòtẹ́ẹ̀lì l'Ákùúrẹ́ ní aago 6:30, kí oòrùn tó mú. Ẹ gbé omi lítà kan ààbọ̀ sínú àpò ẹ̀yìn, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo." Mo sì ń sọ ti àtẹ̀gùn yẹn fún ẹni tí orúnkún ń dà láàmú kó tó sanwó.

Aago tí a óò padà dé Èkó nìkan ni n kì í kọ. Ohun tí mo ń kọ ni: "Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ti alẹ́ ọjọ́ Àìkú." Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó nírọ̀lẹ́ Àìkú kò ní bi mí nídìí ẹ̀.