Ìdánwò Ọ̀fẹ́ Ọjọ́ Méje Tó Gba Owó Ọdún Kan Lọ́wọ́ Mi

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé kan, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, mo tẹ nọ́ńbà káàdì báǹkì mi sínú áàpù kan tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe. Fọ́tò ìyá mi kan tó ti gbó ni mo fẹ́ tún ṣe, omi ti ba igun rẹ̀ kan jẹ́. Áàpù náà ní kí n lo òun lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ méje. Mo lò ó lálẹ́ ọjọ́ náà, iṣẹ́ náà dára, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, mo rántí rẹ̀, mo yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù mi, ọkàn mi sì balẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, àlẹ́ẹ̀tì báǹkì wọlé. Wọ́n ti yọ owó. Owó oṣù kan kọ́ o, owó ọdún kan gbáko ni.

Inú bí mi gan-an, mo sì rò pé olè ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ wo ojú ewé tí mo ti fi káàdì mi sílẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Lókè, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ iye owó oṣù kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni bọ́tìnnì aláwọ̀ ìyeyè wà, wọ́n kọ “Start free trial” sí i lára. Lábẹ́ bọ́tìnnì yẹn gan-an, ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí àtàǹpàkò mi ti bò ó nígbà tí mo ń tẹ bọ́tìnnì, ni àwọn lẹ́tà kéékèèké aláwọ̀ eérú wà lórí ojú funfun:

“7 days free, then billed annually. Renews automatically until cancelled. Cancel at least 24 hours before the trial ends.”

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ibi tó ti mú mi, mo sì fẹ́ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé irú gbólóhùn mẹ́ta yìí náà ni mo ń bá pàdé níbi púpọ̀ láti ìgbà náà, bí wọ́n tilẹ̀ tò ó lọ́nà mìíràn.

Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ojú yín wá ni “then”. Ohunkóhun tó bá wà ṣáájú rẹ̀, ìpè ni. Ohun tó bá tẹ̀ lé e ni iye tí ẹ fẹ́ san ní tòótọ́. Ní tèmi, “billed annually” ló tẹ̀ lé e, ìyẹn ni pé owó oṣù kan tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè yẹn, ẹ ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjìlá, wọn yóò sì yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò parọ́ fún mi. Iye tó dín kù ni wọ́n gbé síwájú kí ojú mi lè bà lé e. Bí ẹ bá rí “introductory price” tàbí “first 3 months” níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé iye méjì ló wà, ẹ sì wá ìkejì rẹ̀ kàn kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì. Bí ẹ kò bá rí i lójú ewé yẹn, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ “Terms” sí, kí ẹ sì wá “renew” nínú rẹ̀. Ẹ kò nílò láti ka ogún ojú ewé. Ìpínrọ̀ tí ọ̀rọ̀ yẹn bá wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ kà, kí ẹ kà á dé òpin.

Gbólóhùn kejì ni èyí tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: “until cancelled”. Ó túmọ̀ sí pé bí ẹ bá dákẹ́, ẹ ti gbà nìyẹn. Áàpù tí mo yọ kúrò lórí fóònù kò já nǹkan kan. Ọ̀tọ̀ ni áàpù tó wà lórí fóònù, ọ̀tọ̀ ni àdéhùn owó. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba owó ni àdéhùn náà wà, yálà iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, tàbí Apple, tàbí Google. Bí ẹ bá gba orí iPhone wọlé, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ orúkọ yín lókè, ẹ wá tẹ Subscriptions. Lórí fóònù Android, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ lọ sí “Payments & subscriptions”, kí ẹ tó tẹ Subscriptions. Bí ẹ kò bá rí i ní ìkankan nínú méjèèjì, a jẹ́ pé orí ìkànnì iléeṣẹ́ náà lẹ ti fi káàdì sílẹ̀, ibẹ̀ náà lẹ ó sì ti lọ gé e. Mo máa ń wo èyí ṣáájú báyìí: bí ẹni tí mo fẹ́ fún ní káàdì bá ní tẹlifóònù nìkan ni ènìyàn lè fi gé àdéhùn, tàbí lẹ́tà, n kì í bá a ṣe.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́rìnlélógún. Níhìn-ín ni mo ti rí i pé bí mo bá tilẹ̀ gé e bó ti yẹ kí wọ́n gé e lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, ó ti bọ́. Ẹ bá mi kà á. Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méje pé ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ajé kejì. Wọ́n ní kí n gé e ó kéré tán wákàtí mẹ́rìnlélógún ṣáájú, ìyẹn aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mo rántí. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fún mi, wọ́n kàn pè é ní méje ni.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ọjọ́ tún yàtọ̀ síra. Àwa tí à ń sọ ìjẹta, a ń ka òní mọ́ ọn. Àwọn iléeṣẹ́ kan náà ń kà á bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ kìn-ín-ní lójú wọn. Àwọn mìíràn ń ka wákàtí, aago orílẹ̀-èdè tiwọn sì ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe tiyín. Fún ìdí èyí, n kì í fi orí ka ọjọ́ mọ́. Mo máa ń wá ọjọ́ tí àwọn fúnra wọn kọ sílẹ̀ lójú ewé tàbí nínú ímeèlì àkọ́kọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ ọjà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ni, irú bí ìpara tàbí oògùn okun ara, ó tún le jù báyìí lọ: ó lè jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ béèrè fún un ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ó dé ọwọ́ yín. Nínú ọjọ́ mẹ́rìnlá, mẹ́wàá lè ti lọ lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn àlẹ́ẹ̀tì yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ní kí báǹkì pa káàdì náà, kí wọ́n fún mi ní òmíràn. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ káàdì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti pa káàdì yẹn. Wọn kò lè rí mi mú mọ́.”

“Ṣé o ti gé àdéhùn náà ni?”

“Mo ní mo ti pa káàdì náà mà.”

“Gbọ́ mi dáadáa. Visa àti Mastercard ní ètò tó ń fi nọ́ńbà káàdì tuntun ránṣẹ́ sí oníṣòwò tó bá ní àdéhùn pẹ̀lú ẹ. Wọ́n ṣe é kí iná àti omi àwọn ènìyàn má baà já nígbà tí káàdì wọn bá parí. Ó lè bá àwọn yẹn náà ṣiṣẹ́. Lọ gé àdéhùn náà ná, kí o tó sọ̀rọ̀ káàdì.”

N kò gbọ́ irú èyí rí. Kì í ṣe gbogbo báǹkì ló wà nínú ètò náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn lé káàdì pípa. Ẹ̀gbọ́n mi tún sọ fún mi pé láti 2020, Visa ti pa á láṣẹ fún àwọn oníṣòwò tó ń fúnni ní ìdánwò ọ̀fẹ́ pé kí wọ́n rán oníbàárà létí, ó kéré tán ní ọjọ́ méje kí wọ́n tó yọ owó, kí wọ́n sì fi ọ̀nà tí ó lè gbà gé e sí i. Èyí dára fún ìdánwò oṣù kan. Fún ìdánwò ọjọ́ méje, ẹ má dúró de ìránnilétí kankan. Ẹ sì máa wo àpótí tí ímeèlì ìpolówó ń wọ̀ sí, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń kó sí.

Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà kí wọ́n dá owó mi padà. Àwòrán gbólóhùn mẹ́ta yẹn ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Mo lọ sí báǹkì, wọ́n béèrè ẹ̀rí pé mo ti gé àdéhùn kí wọ́n tó yọ owó. N kò ní. Áàpù tí mo yọ kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Owó náà kò padà. Ó dùn mí títí di òní, nítorí owó tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún nǹkan mìíràn ni.

Oṣù tó kọjá, mo tún nílò irú nǹkan bẹ́ẹ̀, áàpù mìíràn tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ. Kí n tó yọ káàdì jáde, mo fi ìka méjì fa ojú ewé náà títí lẹ́tà kéékèèké fi tóbi. Mo rí “then”, mo rí i pé oṣooṣù ni. Mo rí àpótí kékeré kan tí wọ́n ti bá mi fi àmì sí tẹ́lẹ̀ fún ètò mìíràn tó ń gba owó, mo yọ àmì náà. Mo wo bí ènìyàn ṣe ń gé e. Mo ya àwòrán ojú ewé náà, mo tẹ nọ́ńbà káàdì, mo bẹ̀rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ náà ni mo lọ sí Subscriptions tí mo gé e. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń jẹ́ kí ènìyàn lo ọjọ́ tó kù. Àwọn kan ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ kíákíá, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sínú àlàyé wọn. Èyí kò tì í. Ó kọ ọjọ́ tí àǹfààní mi yóò parí síbẹ̀, mo ya àwòrán ìyẹn náà, mo sì tọ́jú ímeèlì tí wọ́n fi jẹ́rìí sí i.

Mo lò ó dé ọjọ́ tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo wo àkáǹtì mi láàárọ̀ àti lálẹ́. Iye tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ náà ló wà níbẹ̀ lálẹ́.