Kíkọ́ Àwọn Ọmọ ní Òtítọ́ Mẹ́rin Búdà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni nípa ẹ̀sìn àgbáyé, ẹ má kàn kọ Òtítọ́ Ọlọ́lá Mẹ́rin sójú pátákó kí àwọn ọmọ há a sórí. Inú ìwàásù àkọ́kọ́ tí Búdà ṣe fún èèyàn márùn-ún, nínú ọgbà àgbọ̀nrín kan lẹ́bàá Fáránásì ní Íńdíà, ni wọ́n ti wá, òtítọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ìnira wà: kí a mọ̀ ọ́n dájú. Òǹgbẹ ọkàn ló ń fà á: kí a jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó lè dópin: kí a fojú ara wa rí i. Ọ̀nà kan wà: kí a máa tọ̀ ọ́.

Mo máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun kékeré kan tó ń dùn ún lọ́sẹ̀ náà sínú pépà. Kékeré ni mo wí o. Ọ̀fọ̀ kì í ṣe ohun ìdánrawò. Ká ní ọmọ kan kọ ọ́ pé: "Ọ̀rẹ́ mi ra fóònù tuntun, ojú tèmi ti fọ́." Lákọ̀ọ́kọ́, kó sọ bó ṣe ń ṣe é, láì bá ẹnikẹ́ni wí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé kí ló ń fẹ́. Yóò ní fóònù ni. Ẹ tún bi í, ẹ má kánjú. Bó bá yá, ó lè sọ pé òun fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa ka òun kún. Òǹgbẹ náà nìyẹn.

Ẹ wá béèrè pé ìgbà wo lọ́sẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bó bá ní nígbà tí òun ń gbá bọ́ọ̀lù ni, ẹ jẹ́ kó rí i pé fóònù náà ṣì fọ́ nígbà yẹn, àmọ́ ìnira ti fúyẹ́. Ìtọ́wò lásán ni o. Nìfánà tí Búdà ń wí, ìyẹn òpin òǹgbẹ àti ìnira pátápátá, jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Fún ọ̀nà ẹlẹ́ka mẹ́jọ, tí í ṣe òtítọ́ kẹrin, ẹ ya àgbá kẹ̀kẹ́ onírin mẹ́jọ, ẹ má ya àkàsọ̀: òye, èrò, ọ̀rọ̀, ìṣe, iṣẹ́ òòjọ́, ìgbìyànjú, ìṣọ́ra ọkàn àti ìfọkànsí, gbogbo wọn kó jẹ́ èyí tó tọ́. Àwọn ọmọ máa ń rò pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ padà sọ́rọ̀ ọmọ oní-fóònù. Ó ń wù ú láti sọ fún kíláàsì pé ọ̀rẹ́ òun jalè ni. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ kọ irọ́ àti òfófó, àmọ́ báwo ni yóò ṣe pa ẹnu mọ́ bí kò bá tètè fura pé ìlara ti dé? Ìṣọ́ra ọkàn nìyẹn. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n máa ka èémí. Bí ọkàn bá ṣáko, kí wọ́n kàn dá a padà.

Bí ọmọ kan bá jáde tó ń sọ pé "Búdà ní ìyà ni gbogbo ayé," òtítọ́ kẹta kò yé e. Ẹ padà sórí pépà rẹ̀.

Lórí iṣẹ́ òòjọ́, Búdà ní kí ọmọ ẹ̀yìn òun má ṣòwò ohun ìjà, ẹ̀dá alààyè, ẹran, ọtí tàbí májèlé. Ọmọ kan yóò béèrè pé, "Ìyá mi tó ń ta bíà ńkọ́?" Ẹ sọ fún un pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni Búdà wí fún, kí ẹ má sì jẹ́ kí kíláàsì dá ìyá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.