Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára nọ́súlù: ìfúnpá ìta kọ́ ni ìfúnpá ẹnu

Lọ́dún tí mo fẹ́ parí ní yunifásítì, nọ́súlù kékeré kan ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣejáde mi. Idẹ ni mo fi gbẹ́ ẹ lórí léètì. Ó fẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó ń fún bọ̀ títí dé ọ̀fun tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 8 mm, ó wá tún ń fẹ̀ títí dé ẹnu tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 11.3 mm. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé àyè ẹnu jẹ́ ìlọ́po méjì àyè ọ̀fun. Ẹ fi 2 yìí sọ́kàn, torí òun ló pa iṣẹ́ mi dà.

Táǹkì kọ́ńpírẹ́sọ̀ ló ń fún un ní afẹ́fẹ́. Géèjì ka 400 kPa, ṣùgbọ́n géèjì kì í ka afẹ́fẹ́ ìta mọ́ tirẹ̀, nítorí náà mo fi 101 kún un, ó di nǹkan bí 500 kPa. Ìyẹn ni p0, ìfúnpá afẹ́fẹ́ kó tó gbéra. Ìwọ̀n ooru rẹ̀, T0, jẹ́ 300 K. Mo fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe máa rí nígbà tó bá dé ẹnu.

Mo ronú pé ìta gbangba ni afẹ́fẹ́ yìí ń tú sí, ìta sì jẹ́ 101 kPa, nítorí náà 101 náà ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu. Mo pín 500 sí 101, mo wá Máàkì rẹ̀, ó fún mi ní 1.70. Máàkì, M, ni ohun tí a máa rí bí a bá pín ìyára afẹ́fẹ́ sí ìyára ìró níbi tó wà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo ya àwòrán tó dán, mo gbé e lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi.

Ọ̀gá wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ náà lo kọ ọ́ síbí pé afẹ́fẹ́ yìí ń sáré ju ìró lọ. Ta ló wá sá wọlé lọ sọ fún un pé 101 ló wà níta?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Nígbà tí ìfúnpá bá yí padà níbì kan, ìyára ìró ni ìròyìn rẹ̀ fi ń rìn. Bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde bá yára ju ìró lọ, ìròyìn ìta ò lè wọ inú nọ́súlù, bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lòdì sí odò tó yára ju apá rẹ̀ lọ: bó ti wù kó wà á tó, ẹ̀yìn ló ń lọ. Bí àyè ibi tí afẹ́fẹ́ wà ṣe tóbi sí ti ọ̀fun nìkan ló ń pinnu Máàkì rẹ̀. Mo sì lè ti fi ìyẹn mú ara mi: nọ́súlù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa jáde ní 1.70 gbọ́dọ̀ ní ẹnu tó jẹ́ ìlọ́po 1.34 ọ̀fun, tèmi sì jẹ́ 2.

Ìlànà tó so àyè mọ́ Máàkì nìyí. A gbà pé ooru kò gba ara irin wọlé tàbí jáde, pé afẹ́fẹ́ kò sì pàdánù agbára nípa fífara ha irin. Ìṣàn aisẹntírópíìkì là ń pè é. A* ni àyè ibi tí M ti pé 1. g jẹ́ iye kan tó yàtọ̀ láti gáàsì kan sí òmíràn, fún afẹ́fẹ́, ó jẹ́ 1.4.

```
A/A* = (1/M) * [ (2/(g+1)) * (1 + (g-1)/2 * M^2) ]^((g+1)/(2(g-1)))
```

Ọ̀fun ni A* nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dé ìyára ìró níbẹ̀, bí kò bá dé e, ẹ má fi àyè ọ̀fun sípò A* rárá. Èèyàn ò lè yí ìlànà yìí padà tààrà kó lè mú M jáde, ńṣe là ń wá a kiri. Èsì méjì ló sì ń bọ̀. Fún 2, ọ̀kan jẹ́ 0.306, ìkejì jẹ́ 2.197. Nígbà tí mo tún un ṣe, kọ̀ǹpútà mi fún mi ní 0.306 torí 0.5 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwákiri. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń fi ààlà sí i kó má baà ya lọ sápá kejì:

```python
def A(M, g=1.4):
    return (1/M)*((2/(g+1))*(1+(g-1)/2*M*M))**((g+1)/(2*(g-1)))

lo, hi = 1.0, 5.0
for i in range(50):
    m = (lo + hi)/2
    if A(m) < 2: lo = m
    else: hi = m
print(m)
```

Ibi yìí gan-an ni ìfúnpá ìta ti níṣẹ́ tirẹ̀: òun ló ń jẹ́ ká mọ èyí tí a máa mú nínú èsì méjèèjì. Mo ṣírò ìfúnpá ẹnu fún 0.306, ó jẹ́ 469 kPa. Bí ìta bá ju ìyẹn lọ, afẹ́fẹ́ ò ní dé ìyára ìró lọ́fun. Bí ìta bá wá sílẹ̀ ju 469 lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì dé 257, ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ibi tín-ín-rín tí ìfúnpá ti ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, á dúró nínú nọ́súlù, afẹ́fẹ́ á já wálẹ̀ láti òkè ìyára ìró lójijì, ìlànà yìí ò sì ní ṣeé lò láti ọ̀fun dé ẹnu ní àṣelọ. Ibo ni 257 ti wá? Òun ni ìfúnpá tí ṣọ́ọ̀kì tó dúró gán-ń-gán lẹ́nu máa fi sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìta tèmi jẹ́ 101, ó rẹlẹ̀ gan-an sí 257, nítorí náà 2.197 ni.

Ó kù kí n fi M wá ìyókù. Mo fi M ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, mo fi 0.2 lù ú, mo fi 1 kún un, ó jẹ́ 1.965. Mo pín 300 sí i, ìwọ̀n ooru ẹnu di 152.6 K, ìyẹn nǹkan bí 120 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì sísàlẹ̀ òdo. Mo gbé 1.965 sí agbára 3.5, mo pín 500 sí i, ìfúnpá ẹnu di 47 kPa. Ìyára ìró nínú afẹ́fẹ́ tó tutù bẹ́ẹ̀ jẹ́ 248 m/s, nítorí náà afẹ́fẹ́ ń jáde ní 544 m/s. Mo tún ṣírò ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lọ́fun àti lẹ́nu. Ibi méjèèjì fún mi ní 0.0587 kg. Bí wọn ò bá dọ́gba, mo ti ṣìṣe níbì kan.

Ìfúnpá 47 yìí kò tó ìdajì ti ìta. Ìta á fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ lẹ́yìn tó bá ti jáde, nípa ṣọ́ọ̀kì tó dagun, kò sí ohun tó kan inú. Mo lu ihò kékeré sára irin, 2 mm kó tó dé ẹnu, mo so géèjì mọ́ ọn. Ó ka 52 kPa sísàlẹ̀ ìfúnpá ìta, ìyẹn 49.

Mo wá dín táǹkì kù títí géèjì rẹ̀ fi ka 150 kPa, tí p0 fi di nǹkan bí 250. Ìlànà ní M ṣì jẹ́ 2.197, kí ìfúnpá ẹnu sì jẹ́ 23.5. Géèjì ihò ka nǹkan bí 16 kPa sísàlẹ̀ ìfúnpá ìta, ìyẹn 85. Afẹ́fẹ́ tó fara mọ́ irin máa ń lọ́ra, ìfúnpá ìta sì lè ti ìyẹn padà wọlé. Ó tú ìṣàn náà kúrò lára irin kó tó dé ẹnu. Láti ọjọ́ yẹn, bí ìfúnpá ẹnu tí mo ṣírò bá ti ń lọ sísàlẹ̀ bí 0.4 ti ìta, mo máa ń kọ ọ́ sábẹ́ èsì mi pé ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ ti kúrò lára irin.