Àyẹ̀wò ọdún: nọ́ńbà tí mo ń pè fún àbúrò mi létí pápá

Ọdún ń parí lọ, mo sì ti ṣí ìwé tí mo ń kọ àkókò eré sí láti ojú ewé àkọ́kọ́. Àbúrò mi ló ń sá eré ọ̀nà jíjìn. Èmi ni mo ń di aago mú létí pápá: mo ń tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tó bá kọjá ní ìlà ìparí, mo sì ń pariwo nọ́ńbà kan sí i kó tó wọ kọ́nà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ààyè wà fún. Ohun tí mo fi ọdún yìí wádìí ni nọ́ńbà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, torí pé láti inú aago kan náà ni èèyàn ti lè fa nọ́ńbà mẹ́ta yọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì máa sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nípa bí eré ṣe máa parí.

Eré 5000 mítà la sá jù lọ́dún yìí, ìṣirò rẹ̀ sì ní kókó kan látìbẹ̀rẹ̀. Ìyípo pápá kan jẹ́ 400 mítà, nítorí náà 5000 mítà jẹ́ ìyípo méjìlá àti ààbọ̀. Ààbọ̀ yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sá. Òdìkejì pápá ni ìbọn ti ń dún, àwọn sárésáré á sá 200 mítà kí wọ́n tó kọjá ní ìlà ìparí fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni odidi ìyípo méjìlá á wá tẹ̀ lé e. Bí eré bá parí, àkókò mẹ́tàlá ló máa wà lójú aago, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n mú eré kan nínú ìwé náà, èyí tó kọ́ mi ní ohun tó pọ̀ jù. Àbúrò mi fẹ́ parí ní ìṣẹ́jú 17 àti ààbọ̀, ìyẹn 1050 ìṣẹ́jú àáyá. Tí a bá pín in sí ọ̀nà 12.5, á jẹ́ 84 fún ìyípo kan, á sì jẹ́ 42 fún ààbọ̀ àkọ́kọ́. Láti mọ ìyára rẹ̀ fún kìlómítà kan, ẹ kàn fi 2.5 sọ 84 di púpọ̀, torí ìyípo méjì ààbọ̀ ló wà nínú kìlómítà kan. Ẹ ó rí 210, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀.

Ohun tí aago kọ rèé. Ààbọ̀ àkọ́kọ́ gba 39.6. Àwọn ìyípo méjìlá tó tẹ̀ lé e gba 81.8, 82.9, 83.4, 84.0, 84.3, 84.9, 85.2, 85.6, 85.8, 86.1, 84.7 àti 80.5. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 1048.8, ìyẹn 17:28.8. Ó wọlé, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó má wọlé.

Ẹni tó bá rí àkókò mẹ́tàlá lójú aago, tó sì pín 1048.8 sí ọ̀nà mẹ́tàlá, á rí 80.7 fún ìyípo kan. Á fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀, á sì gbà pé ìyára àbúrò mi fún kìlómítà kan jẹ́ nǹkan bí 3:22. Irọ́ ni o. Ìyára tòótọ́ ni 1048.8 tí a pín sí kìlómítà márùn-ún, ìyẹn 209.8, tó sún mọ́ 3:30. Àkókò 200 mítà ni wọ́n kà bí ẹni pé ó jẹ́ ti 400 mítà, ó sì gé àáyá mẹ́jọ kúrò lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe ń mọ̀ pé èyí ti ṣẹlẹ̀ kò le: ẹ wo àwọn ìyípo odidi náà níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan péré nínú méjìlá ló wà lábẹ́ 80.7, ìyẹn èyí tó gbẹ̀yìn. Báwo ni ìpíndọ́gba ṣe máa wà ní 80.7? Àròpọ̀ àkókò ni kí ẹ máa pín sí àròpọ̀ ọ̀nà tí a sá, kì í ṣe sí iye ìgbà tí a tẹ bọ́tìnnì.

Ìyẹn rọrùn láti tún ṣe. Èyí tó gbà mí láròjinlẹ̀ ni ti àárín eré, nígbà tí ìṣirò tó péye pàápàá lè ṣi ni lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká dúró sí òpin ìyípo kẹjọ. Àbúrò mi ti sá 3400 mítà, aago wà ní 711.7, ìyípo mẹ́rin ló kù. Tí mo bá pín 711.7 sí ọ̀nà 8.5, ìpíndọ́gba rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 83.7. Èyí dára ju 84 tí a ń wá lọ. Tí mo bá gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa sá mẹ́rin tó kù, á parí ní 17:26.6, ọkàn mi á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyípo mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá: 84.3, 84.9, 85.2, 85.6. Ìpíndọ́gba tiwọn jẹ́ 85.0. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, 17:31.7 ló máa parí, àfojúsùn ti bọ́ nìyẹn. Ìpíndọ́gba àkọ́kọ́ kò purọ́. Ohun tó ń sọ ni bí ó ṣe sá ìyípo mẹ́rin àkọ́kọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì fúyẹ́, ó sì ti da àwọn yẹn pọ̀ mọ́ ìsinsìnyí débi pé a kò rí i mọ́ pé ìyípo kọ̀ọ̀kan ń gùn ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà kẹta ni ti ohun tó kù. Mo yọ 711.7 kúrò nínú 1050, ó ku 338.3. Mo pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ó jẹ́ 84.6. Iye tí ìyípo kọ̀ọ̀kan tó kù lè gbà nìyẹn. Tí mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 85.6 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, ọ̀rọ̀ ti yé mi: ó gbọ́dọ̀ fi àáyá kan kún ìyára rẹ̀ lórí ìyípo kọ̀ọ̀kan, láti ìsinsìnyí lọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí nìkan ló ń dáhùn ohun tí ẹni tó ń sáré lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò rọrùn láti máa pín 338.3 sí mẹ́rin nígbà tí èèyàn ń wo pápá. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló là á fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ka ìpíndọ́gba fún mi mọ́. Ẹ sọ bóyá mo jèrè tàbí mo jẹ gbèsè." Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ páálí kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo kọ iye tó yẹ kó wà lójú aago nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá: 0:42, 2:06, 3:30, 4:54, mo ń fi 84 kún un títí dé 17:30. Lójú pápá, ìyọkúrò kan ṣoṣo ló kù fún mi láti ṣe. Ẹ wo bí eré yẹn ṣe rí ní ojú páálí. Ní òpin ìyípo kẹrin, èrè jẹ́ 6.3. Ní ìkẹfà ó ti di 5.1, ní ìkeje 3.9, ní ìkẹjọ 2.3, ní ìkẹsàn-án 0.5. Ní ìkẹwàá ó ti wọ gbèsè 1.6, ní ìkọkànlá gbèsè náà di 2.3. Aago ń sọ pé ó ń sá dáadáa ní ìpíndọ́gba, páálí ń sọ pé owó ọwọ́ ń tán lọ. Láti ìyípo kẹfà ni èèyàn ti lè rí i, nígbà tí ọ̀nà ṣì pọ̀ níwájú láti tún un ṣe. Ìyípo tó kẹ́yìn nìkan, 80.5, ló gbà á sílẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹsẹ̀ máa ń ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn 4600 mítà.

Kí ló dé tí mo fi ń wo ìyípo mẹ́rin, tí n kì í wo ẹyọ kan? Nítorí ìka ọwọ́. Ká ní mo pẹ́ tẹ bọ́tìnnì pẹ̀lú ìdajì àáyá ní òpin ìyípo kẹfà, aago á kọ 85.4 fún un dípò 84.9, á sì kọ 84.7 fún ìkeje dípò 85.2. Á dà bí ẹni pé ó rẹ̀ ẹ́, tó sì tún sọjí lójijì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìka mi ni. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé ọ̀kan ga, èyí tó tẹ̀ lé e sì fi iye kan náà lọ sílẹ̀. Àròpọ̀ àwọn méjèèjì kò yí padà: 170.1 ni. Àṣìtẹ̀ tó wà láàárín ń pa ara rẹ̀ rẹ́ nínú àròpọ̀, títẹ̀ àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn nìkan ló ń ní ipa lórí ìpíndọ́gba. Ìdajì àáyá tó bá wà níbẹ̀ ni ìyípo mẹ́rin á jọ pín, ó sì di nǹkan bí ìdá mẹ́jọ àáyá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí a bá sì rí 170 gbàgà lójú aago, ẹnì kan ti gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ ni. Ìyípo méjì nìyẹn, ẹ kà á bẹ́ẹ̀.

Títẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ yìí ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti ibi tí 5000 mítà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ìlà ìparí, tí a bá fi ojú sọdá àárín pápá, ó tó nǹkan bí 110 mítà. Ohùn ń rin nǹkan bí 340 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá dúró de ohùn ìbọn kó tó tẹ aago ti pàdánù ìdá mẹ́ta àáyá. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí á wo iná tàbí èéfín ìbọn. Òfin náà tún ní kí á sún àkókò tí a fi ọwọ́ kà sókè sí ìdá mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e: 17:28.71 á di 17:28.8. Lórí ìyípo kan, ìdá mẹ́ta àáyá kò tó nǹkan. Nínú eré tí àáyá kan àti díẹ̀ ya àfojúsùn sọ́tọ̀, ó tó nǹkan gan-an.

Eré 1500 mítà ló fẹ́ gbájú mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyípo mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni, 300 mítà ló sì máa ń kọ́kọ́ wá. Ó fẹ́ parí ní 4:45. Mo ti pín 285 sí ọ̀nà 3.75, ó jẹ́ 76 fún ìyípo kan àti 57 fún 300 mítà àkọ́kọ́. Páálí rẹ̀ ti wà nínú ìwé: 0:57, 2:13, 3:29, 4:45. Kò ní sí ìyípo mẹ́rin tí mo lè ṣe ìpíndọ́gba rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni màá lè pe èrè tàbí gbèsè fún un, torí ìgbà kẹrin tó bá kọjá níwájú mi, eré ti parí.