Ohun tí a kọ́ nípa yíyẹ èsì ìdìbò akẹ́kọ̀ọ́ wò láti inú fọ́tò

Ẹ̀yin àbúrò, bí fọ́tò ìwé èsì bá ti ń wọlé lórí Wáásáàpù, ẹ ní kí ẹni tó yà á fi ránṣẹ́ bíi fáìlì. Wáásáàpù a máa fún àwòrán pọ̀, 3 á wá jọ 8, 1 á jọ 7. Sikirinṣọ́ọ̀tì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó sábà máa ń gé ìsàlẹ̀ ìwé níbi tí àpapọ̀ àti ìbuwọ́lù àwọn aṣojú olùdíje wà.

Kí ẹni méjì tẹ èsì náà sínú ṣíìtì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí ẹ rí lórí ìwé gan-an ni kí ẹ tẹ̀, kódà bó bá hàn pé kò tọ́. Bí ìbò olùdíje mẹ́ta bá wà ní B, C àti D, tí àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ kọ sì wà ní E, 0 ló yẹ kí èyí mú jáde:

```
=SUM(B2:D2)-E2
```

Ká ní fákọ́tì kan kọ 187, 143 àti 61, àmọ́ tí wọ́n kọ 382 sí àpapọ̀. Tiwa jẹ́ 391, ó fi 9 lé. Ìyàtọ̀ tó bá ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, ẹ fura pé nọ́ńbà méjì ti gba ipò ara wọn. Ṣùgbọ́n 178 lè di 187, 134 náà lè di 143, 9 kan náà ni méjèèjì ń mú wá. Ibi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kọ iye ìbò ló máa ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ tún wo ìwé ìdìbò. Bí 650 bá dé ibùdó, tó ṣẹ́ ku 254, a jẹ́ pé 396 ni wọ́n lò. Bí ìbò tó bàjẹ́ bá jẹ́ 14, 382 pẹ̀lú 14 jẹ́ 396: àpapọ̀ tí wọ́n kọ ló tọ̀nà, ìbò olùdíje kan ni àṣìṣe wà. Ẹni tó bá wo iye àwọn tí wọ́n yẹ orúkọ wọn wò nìkan, ká ní 412, kò ní rí nǹkan kan, torí 396 àti 405, ìyẹn 391 pẹ̀lú 14, kò kọjá á.

Ẹ má fúnra yín ṣàtúnṣe o. Ẹ sàmì sí ìlà náà, kí ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò lọ yẹ ojúlówó ìwé wò.

Ní ti ìdá àwọn tó jáde dìbò, bí 640 bá forúkọ sílẹ̀ ní fákọ́tì yẹn, 396 jẹ́ 61.9%, nígbà tí 412 jẹ́ 64.4%. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ èyí tí ẹ lò. Bí fákọ́tì kékeré kan bá ní 120, tí 108 dìbò, 90% nìyẹn. Àwọn kan á ro 61.9 àti 90 pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á kéde nǹkan bíi 76%. Ènìyàn ni kí ẹ rò pọ̀: 504 nínú 760, ìyẹn 66.3%.