Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ẹtì

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16, alẹ́

Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Bátìrì fóònù mi ku díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ kí n tó sùn, torí ímeèlì kan ṣoṣo lórí rósítà àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù wa ló gba gbogbo àná lọ́wọ́ mi, tó sì tún gba ìdajì òní.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le rárá. Láàárọ̀ àná, Bọ̀dá Mọ́pà (ìlú tí kálukú wa ti wá la fi ń pe ara wa ní wọ́ọ̀dù) dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi. "Òkun o, màmá." Wọ́n jù mí lọ ní ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ipò mi ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, èmi náà sì ń fi "ẹ" bá wọn sọ̀rọ̀. Àna wọn kú ní Bùnú. Àìsùn máa wáyé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọn yóò sì sin ín lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá mọ Bùnú, tó mọ aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àgbà níbẹ̀, mọ̀ pé a kì í rán ọmọ ẹlòmíì lọ síbi irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ òru wọn sì rèé láti Ọjọ́bọ̀ títí dé Àìkú. Wọ́n ti bá Àǹtí Ìsánlú sọ ọ́, ó sì ti gbà láti gba òru méjì àkọ́kọ́. "A ti parí ẹ̀ láàárín ara wa, màmá. Ẹ kàn bá wa kọ ọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn, "láàárín ara wa", ló máa ń bà mí lẹ́rù. Mo mú rósítà tí mo ti lẹ̀ mọ́ ògiri láti ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó, mo sì fi pẹ́ńsù tọ ọwọ́ sí i. Ní wọ́ọ̀dù wa, iṣẹ́ àárọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ago 8, ó ń parí ní ago 2 ọ̀sán. Tọ̀sán ń parí ní ago 8 alẹ́. Tòru sì ń lọ títí di ago 8 òwúrọ̀. Ẹni méjì láàárọ̀, ẹnì kan lọ́sàn-án, ẹnì kan lóru. A ò ní ẹni tó ṣẹ́kù.

Kí ni Àǹtí Ìsánlú ń ṣe lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀? Iṣẹ́ ọ̀sán. Tó bá ṣe ọ̀sán, tó tún wọnú òru, wákàtí méjìdínlógún ni yóò dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè jẹ́ kó ka ìwọ̀n oògùn fún aláìsàn ní ago 4 ìdájí lẹ́yìn irú ìyẹn. Nítorí náà ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ti ṣí. Ó ń jáde ní ago 8 àárọ̀ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ àárọ̀ Ẹtì gan-an ló tún wà fún un lórí rósítà. Ìyẹn náà ṣí. Ó tún ń jáde ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, níbi tí orúkọ rẹ̀ tún wà. Òru méjì tí àwọn méjèèjì ti "parí láàárín ara wọn" ti la ihò mẹ́ta sílẹ̀ níbi tí wọn ò wò.

Bí mo ṣe dí i nìyí. Bọ̀dá Mọ́pà ò níṣẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ara wọn á ti balẹ̀, nítorí náà mo ní kí wọ́n wá ṣe àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n sì gba ọ̀nà Bùnú lọ lẹ́yìn ago 2. Ọmọ Ìyàrá tó wà láàárọ̀ ọjọ́ náà yóò sún sí ọ̀sán. Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ń parí òru mẹ́ta tirẹ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Á sùn ní gbogbo ọjọ́ yẹn, á sì wá bá mi ṣe àárọ̀ Ẹtì, èyí tó yẹ kó jẹ́ ọ́ọ̀fù rẹ̀. Mo ṣèlérí ọ́ọ̀fù ọjọ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ọjọ́ 24, dípò rẹ̀. Àárọ̀ Àbámẹ́ta kò rí ẹni gbà á, mo bá fi ara mi sí i. Ó dùn mí díẹ̀, torí mo ti ń wojú ọjọ́ yẹn láti lọ wo iṣu mi lóko.

Gbèsè náà wà. Àǹtí Ìsánlú ló ní òru Ajé àti Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bọ̀dá Mọ́pà ni yóò bá a ṣe é, kí wọ́n lè jẹ́ òru mẹ́rin léraléra láti Àbámẹ́ta, iye kan náà tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Mo kọ èyí sínú ímeèlì kan náà. Bí gbèsè òru bá fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó sí ẹnu lásán, onígbèsè á ti gbàgbé, ẹni tí wọ́n jẹ ló ń rántí.

Wàyí o, kíkọ ọ́. Kí nìdí tí mi ò fi jù ú sórí Wasáàpù? Mo máa ń jù ú síbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, àdúrà àti àwòrán ìgbéyàwó á ti bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé orúkọ ẹni tó wà lórí rósítà ni kúẹ́rì ń wá nígbà tí wọ́ọ̀dù bá ṣófo. Bí pàṣípààrọ̀ ò bá sí nínú ohun tí Mátírónì rí, Bọ̀dá Mọ́pà ló sá níṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó gbà fún wọn. Ìdí nìyẹn tí Mátírónì fi wà ní Cc.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, bí a ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé:

"Àkòrí: Ìyípadà rósítà, Ọjọ́bọ̀ 18 sí Àbámẹ́ta 20. Ẹ lo ẹ̀dà kejì, ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì ti kú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi mẹ́fà ló yí padà, àwọn yòókù dúró bí wọ́n ṣe wà.
Bọ̀dá Mọ́pà: Ọjọ́bọ̀ 18, ago 8 àárọ̀ sí ago 2 ọ̀sán. Wọ́n kúrò ní òru Ọjọ́bọ̀ àti ti Ẹtì.
Ọmọ Ìyàrá: Ọjọ́bọ̀ 18, ago 2 ọ̀sán sí ago 8 alẹ́, dípò àárọ̀.
Àǹtí Ìsánlú: wọlé ago 8 alẹ́ Ọjọ́bọ̀ 18, jáde ago 8 àárọ̀ Ẹtì 19, wọlé ago 8 alẹ́ Ẹtì 19, jáde ago 8 àárọ̀ Àbámẹ́ta 20. Kò sí fún ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àárọ̀ Ẹtì àti àárọ̀ Àbámẹ́ta.
Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Ẹtì 19, ago 8 àárọ̀ sí ago 2. Ọ́ọ̀fù rẹ̀ di Ọjọ́rú 24.
Èmi: Àbámẹ́ta 20, ago 8 àárọ̀ sí ago 2.
Bọ̀dá Mọ́pà yóò gba òru Ajé 22 àti Ìṣẹ́gun 23 lọ́wọ́ Àǹtí Ìsánlú.
Ẹ̀yin tí orúkọ yín wà lókè, ẹ fèsì kó tó di ago 4 ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun."

Lẹ́yìn èyí ni mo wá to rósítà gbogbo ọ̀sẹ̀ sí ìsàlẹ̀, nínú ara lẹ́tà náà. Mi ò so ó mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, torí ó lé ní ìdajì wa tí dátà wọn kì í ṣí fáìlì, ẹni tí kò sì rí i ṣí kì í sọ.

Ẹ ó rí i pé mi ò kọ "òru Ọjọ́bọ̀" nìkan fún Àǹtí Ìsánlú. Lọ́dún tó kọjá, ní ibi iṣẹ́ mìíràn, mo kọ "òru Àbámẹ́ta" lásán. Ẹni tí mo kọ ọ́ sí ronú pé ago 12 òru ni ọjọ́ ń yí, nítorí náà òru Àbámẹ́ta tirẹ̀ ni èyí tó mọ́jú Àbámẹ́ta. Ó wá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó bá ẹlòmíì lẹ́nu iṣẹ́, ó bínú padà sílé. Lálẹ́ Àbámẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò wá. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn líle mọ́ lọ́wọ́ dé òwúrọ̀. Àwọn bàbá wa ti yanjú èyí kí aago tó dé: "Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ẹtì" ni wọ́n ń sọ, ọjọ́ méjèèjì á sì dúró síbẹ̀. Rósítà onílà àti àpótí kò ní àyè fún "mọ́jú", ló fi jẹ́ pé mo ń kọ wákàtí ìwọlé àti ìjáde pẹ̀lú ọjọ́ méjì.

Mi ò kọ ìdí tí Bọ̀dá Mọ́pà fi ń lọ. Bó bá jẹ́ ìsìnkú lónìí, ó lè jẹ́ oyún tó bàjẹ́ lára ẹnì kan lọ́la. Bí mo bá ń kọ ìdí ti àwọn kan, ẹni tí mi ò kọ tirẹ̀ ni wọ́n á máa wádìí. Àmọ́ o, níbí? Kí n tó dé ilé, wọ́n ti ń dá owó ìsìnkú jọ.

Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lálẹ́ àná. Ọmọ Ìyàrá kọ: "Mo ti rí i, ẹ ṣé mà." Mo fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni mi ò pè kí n tó kọ ọ́. Mo rò pé wákàtí díẹ̀ tí mo sún un kò tó ohun tí à ń pe èèyàn sí. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Lónìí, ní bí ago 3, mo pè é.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀?"

"Ago 8 àárọ̀ ni, mà."

Fọ́tò rósítà àtijọ́ ló wà nínú fóònù rẹ̀. Ó ka àkòrí, ó rí "rósítà", ó sì wo fọ́tò. Mo sọ fún un pé ago 2 ni. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun ò lè rí ọ̀kadà tó ń lọ sí ìdí ilé òun lẹ́yìn ago 8 alẹ́, àti pé òun ò fẹ́ sọ ọ́ kó má dà bíi pé òun ń kọ iṣẹ́.

Mo pe Àǹtí Ìsánlú, tó ń gbé nínú ọgbà. Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo ń gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá fún mi ní kọ́kọ́rọ́ oògùn, kí n fún un ní ti yàrá mi."

Mo ti fa rósítà àtijọ́ ya lára ògiri. Mo tún fèsì sí gbogbo èèyàn pé kí wọ́n pa fọ́tò rẹ̀ rẹ́, kí kálukú má sì kọ "mo ti rí i" mọ́, kó kọ ọjọ́ àti aago tirẹ̀. Ní ago 4 ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Ọmọ Ìyàrá kọ: "Ọjọ́bọ̀ 18, ago 2 ọ̀sán sí ago 8 alẹ́. Mo máa gbé aṣọ ìsùn dání."